Ẹyin àparò márùn-ún, ẹyin adìyẹ kan: ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó fi wọ́n wéra

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ti lé ní ẹni ọdún 55. Nígbà tí dókítà sọ fún wọn pé kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ti ń ga, kí wọ́n rọra máa jẹ ẹyin, wọ́n pa ẹyin adìyẹ tì. Méjì ni wọ́n máa ń jẹ láràárọ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń ta ẹyin ní ọjà Oyíǹbó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀: ẹyin àparò kò ní kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rárá, oògùn ni, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹyin àparò mẹ́wàá kí wọ́n tó jáde nílé, méjì nínú rẹ̀ ní tútù.

Nígbà tí mo bá wọn lórí ẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ gbà pé kò sí kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú ẹ̀?"

Wọ́n mú ẹyọ kan sókè láàárín ìka méjì. "Wo bó ṣe kéré tó. Kí ni èyí fẹ́ fi ṣe mí?"

Ìdáhùn wọn yìí ló jẹ́ kí n kọ àlàyé yìí. Kíkéré tí ẹyin náà kéré ló ń da gbogbo wa rú, yálà lórí oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ ni o, tàbí iye ìṣẹ́jú tó yẹ kó lò lórí iná, tàbí bí a ṣe máa bó o. A máa ń fi ẹyọ kan wé ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹyẹ tó ń yé ẹyin alámì tóótòòtó yìí kì í ṣe àparò oko tí àwọn bàbá wa ń dẹ pańpẹ́ fún lórí ebè. Àparò ilẹ̀ Jàpáànù ni, ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń sìn sínú àgò. Ọdún 1992 ni ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ọ̀sìn tó wà ní Fọ̀m, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, mú un wọ Nàìjíríà. Àwọn ọlọ́jà kan ń pè é ní kuéèlì, àwọn mìíràn ń pè é ní àparò, mo sì máa pè é ní àparò níbí nítorí orúkọ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nìyẹn. Ẹyin adìyẹ tí mo ń sọ náà ni ti àgíríìkì tó ń wá nínú kéréètì, kì í ṣe ti adìyẹ ìbílẹ̀, èyí tó máa ń kéré díẹ̀ sí i.

Mo ra ẹyin àparò 24 ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Yábà, mo sì mú ẹyin adìyẹ mẹ́rin látinú kéréètì ilé. Mo gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun. Púpọ̀ nínú ti àparò wọn bíi gíráàmù 10. Ti adìyẹ sún mọ́ 60. Tí a bá yọ èèpo kúrò, ohun tó kù láti jẹ nínú ti àparò tó gíráàmù 9, ti adìyẹ sì tó 50 tàbí kó lé díẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹyin àparò márùn-ún sí mẹ́fà ló tó ẹyin adìyẹ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ìṣirò yìí mú, torí òun la ó máa lò títí dé òpin.

Ní ti agbára àti purotéènì, tí ẹ bá fi márùn-ún wé ẹyọ kan, kò sí ìyàtọ̀ tó yẹ kéèyàn tìtorí ẹ̀ sanwó. Bíi kálórì 70 ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, purotéènì sì tó gíráàmù mẹ́fà lápá méjèèjì. Ibi tí ẹyin àparò ti borí ni èròjà irin àti fítámì B12. Nínú gíráàmù 100, irin inú ẹyin àparò tó mílígíráàmù 3.6, ti adìyẹ sì jẹ́ nǹkan bí 1.8. Ìlọ́po méjì nìyẹn. Fítámì B12 náà sún mọ́ ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni èyí, mi ò sì ní fi dù ú. Ṣùgbọ́n ara wa kì í rí irin inú ẹyin fà mu dáadáa, nítorí èròjà kan wà nínú pupa ẹyin tó ń di irin náà mú ṣinṣin. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú nǹkan tó ní fítámì C, bí ọsàn tàbí ata tútù, díẹ̀ sí i á wọlé.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ nìyí: kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù náà ju ìlọ́po méjì lọ. Nínú gíráàmù 100 ẹyin adìyẹ, nǹkan bíi mílígíráàmù 370 ló wà níbẹ̀. Nínú gíráàmù 100 ẹyin àparò, ó tó 840. Inú pupa ẹyin ni gbogbo rẹ̀ wà, pupa ẹyin àparò sì tóbi lójú ìwọ̀n ara rẹ̀ ju ti adìyẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò oúnjẹ àárọ̀ wọn. Ẹyin adìyẹ méjì tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ń fún wọn ní bíi mílígíráàmù 370. Ẹyin àparò mẹ́wàá tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 90 lẹ́yìn tí a bó èèpo rẹ̀, ìyẹn sì ń fún wọn ní bíi 760. Wọ́n ní àwọn ń sá fún nǹkan, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ.

Mi ò sọ pé mílígíráàmù 760 yẹn ló máa bọ́ tààrà sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí tí wọ́n jẹ látinú ẹyin kì í gbé ti ẹ̀jẹ̀ sókè púpọ̀. Ṣùgbọ́n ara kò dọ́gba. Àwọn kan wà tí tiwọn máa ń gòkè tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ẹni tí dókítà bá sì ti kìlọ̀ fún kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó ní ìlọ́po méjì rọ́pò èyí tí wọ́n ní kó dín kù. Lórí pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, oúnjẹ ni ẹyin àparò, kì í ṣe oògùn. Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀ pa oògùn tí wọ́n kọ fún un tì ń fi ara rẹ̀ wewu.

Nǹkan méjì mìíràn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Wọ́n ní kò lè ní kòkòrò sàmónẹ́là nínú, pé ara ẹyẹ náà gbóná ju kí kòkòrò náà gbé ibẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Sàmónẹ́là ń gbé lára àparò bó ṣe ń gbé lára adìyẹ, ẹyin tútù kò sì yẹ aláboyún, ọmọdé àti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le. Wọ́n tún ní ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹyin adìyẹ lè jẹ ti àparò. Àwọn purotéènì tó ń fa yíyún ara àti ojú wíwú nínú ẹyin adìyẹ ní ìbátan tó jọ wọ́n gan-an nínú ẹyin àparò, ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kọ ọ̀kan ni ara rẹ̀ lè kọ èkejì. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní irú ìṣòro yìí kò gbọ́dọ̀ dán an wò nílé.

Ní ti adùn, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Àwọn kan ń retí pé á máa rùn bí ẹran ìgbẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin náà ni, àmọ́ ó lọ́ràá lẹ́nu díẹ̀ ju ti adìyẹ lọ, ó sì kúnnú, nítorí pupa rẹ̀ pọ̀ lójú funfun rẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n dáadáa tí ẹ bá sè é débi tí pupa rẹ̀ ṣì rọ̀. Tí ẹ bá fọ́ ọ sínú ata díndín pẹ̀lú àlùbọ́sà, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa lè dá a mọ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n fún ẹyẹ náà sì ń hàn nínú ẹyin rẹ̀, yálà adìyẹ ni tàbí àparò. Nítorí náà, fún dídín, mi ò ní ná owó ẹyin àparò. Bí wọ́n bá máa jẹ ẹ́ lódindi, ní ẹ̀ẹ̀kan wọnú ẹnu, níbẹ̀ ni owó rẹ̀ ti wúlò.

Ẹ jẹ́ ká wá sínú ilé ìdáná. Àṣìṣe tí mo rí jù ni kí wọ́n da ẹyin àparò àti ti adìyẹ pọ̀ sínú ìkòkò kan, kí wọ́n sì yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé omi tó pọ̀ kaná, mo jẹ́ kó hó dáadáa, mo rọra sọ ẹyin sí i, mo sì ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tí aago bá ti lù. Ẹyin àparò tó lo ìṣẹ́jú méjì, funfun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ni, pupa rẹ̀ ń ṣàn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, pupa náà ti ki bí oyin. Ní mẹ́rin, ó ti dì tán ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ lẹ́nu. Ní márùn-ún, ó ti ń gbẹ. Ẹyin adìyẹ tó wà nínú omi kan náà ní tirẹ̀ nílò ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó débi tí ti àparò dé ní méjì, ó sì lo bíi 11 kí pupa rẹ̀ tó dì tán.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹyin àparò méjì sílẹ̀ títí di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Funfun rẹ̀ le bí rọ́bà, àwọ̀ ewé eérú sì ti yí pupa rẹ̀ ká. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe májèlé. Imí ọjọ́ inú funfun ẹyin ló pàdé irin inú pupa rẹ̀ nítorí iná pọ̀ jù, òórùn tó máa ń bá a wá náà sì ni èyí tí àwọn èèyàn ń sọ pé "ẹyin àparò máa ń rùn." Kì í ṣe ẹyin ló ń rùn, ìṣẹ́jú ló pọ̀ jù.

Ìdí tó fi yára tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìta ni ooru ti ń wọlé lọ sí àárín. Ẹyin adìyẹ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4.3 láàárín, ti àparò sì fẹ̀ tó 2.5. Ẹ̀ẹ́ rò pé tí fífẹ̀ rẹ̀ bá lé díẹ̀ ní ìdajì, àkókò rẹ̀ náà á lé díẹ̀ ní ìdajì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ooru ṣe ń jìnnà sí ìta ni ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀, débi pé bí ẹ bá dín fífẹ̀ nǹkan kù sí ìdajì, àkókò rẹ̀ á bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ẹyin àparò fi ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò ẹyin adìyẹ.

Èyí ló fà á tí ìṣẹ́jú kan fi lágbára tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń fi ṣíbí sọ ẹyin àparò 24 sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè gba ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó parí. Fún ẹyin adìyẹ tó ń lo 11, kò sí wàhálà níbẹ̀. Fún èyí tó ń lo mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ ti jìnnà kọjá èyí ìkẹyìn pátápátá. Nítorí náà, inú asẹ́ ni mo máa ń kó gbogbo wọn sí, tí mo sì máa ń rì í sínú omi lẹ́ẹ̀kan. Bákan náà ni mo ṣe ń fi asẹ́ yẹn gbé wọn jáde bọ inú omi tútù, torí inú ẹyin ṣì gbóná, ó sì máa ń bá sísè lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ tààrà látinú fíríìjì máa fẹ́ bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí i. Ìṣirò Èkó ni mo fi ṣe èyí, níbi tí omi ń hó ní ìwọ̀n ooru 100. Ẹni tó bá ń sè é ní Jọ́ọ̀sì lórí òkè nílò àkókò díẹ̀ sí i, nítorí omi ibẹ̀ ń hó kó tó gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Bíbó rẹ̀ ló ń mú èèyàn bínú jù, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti pẹ́ jù kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ní Súúrùlérè, a ra ẹyin àparò 60 pé a ó fi gún igi tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú tòmátì kéékèèké fún àwọn àlejò. Wọ́n kó o wá tààrà láti oko kan ní Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú wa sì dùn pé tuntun ni. Èmi àti àbúrò ìyàwó ilé jókòó tì í. Nígbà tí a bó ogún tán, bíi mẹ́jọ péré ló wà lódindi. Àwọn yòókù ti ya, funfun wọn ti lẹ̀ mọ́ èèpo, pupa ti ń yọjú.

Tuntun tí inú wa ń dùn sí yẹn gan-an ló dá wa lẹ́jọ́. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì wà nínú funfun ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, ó sì máa ń fi díẹ̀díẹ̀ gba inú ihò kéékèèké ara èèpo jáde. Kó tó jáde, funfun náà máa ń lẹ̀ pinpin mọ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo nígbà tí iná bá kàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ló máa ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin adìyẹ náà rí, àmọ́ tí ti adìyẹ bá ya díẹ̀, ẹyin ṣì kù. Tí ti àparò bá ya, ó ti tán nìyẹn.

Ohun kejì ni pé èèpo àti awọ abẹ́ rẹ̀ kò bára mu nínú ẹyin àparò. Èèpo ẹyin adìyẹ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta mílímítà, ti àparò kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ó sì máa ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n awọ abẹ́ rẹ̀ yi gan-an. Ẹni tó bá ń ṣa èèpo rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ó ṣe ń ṣe ti adìyẹ máa jókòó síbẹ̀ di alẹ́. Awọ náà ni kí ẹ máa lépa, òun ló máa kó èèpo lọ. Ẹ yí ẹyin náà lórí tábìlì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, títí gbogbo ara rẹ̀ á fi sán wínníwínní. Ẹ wá ìdí rẹ̀ tó fẹ̀, níbi tí àyè afẹ́fẹ́ wà, ẹ fún ibẹ̀ díẹ̀ kí awọ lè ya. Ẹ di awọ náà mú, kí ẹ sì máa fà á yípo bí ẹni ń bó ọsàn. Tí ó bá bọ́ síbi tó yẹ, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ lé ara wọn jáde bí ọ̀já kan ṣoṣo. Inú abọ́ omi ni mo ti máa ń ṣe é, torí omi ń wọ abẹ́ awọ náà, ó sì ń gba èèpo wẹ́wẹ́ kúrò lára ẹyin.

Inú omi tó ti ń hó tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sísè rẹ̀, kì í ṣe omi tútù tí ẹ̀ ń gbé kaná. Tí ooru bá bá funfun ẹyin lójijì, ó máa ń dì kó tó ráyè lẹ̀ mọ́ awọ. Èyí nìkan dín ìyọnu mi kù ju gbogbo iyọ̀ tí àwọn èèyàn ń ní kí n dà sómi lọ.

Fún èyí tó pọ̀, bí ogójì sí ọgọ́ta, fínígà funfun ni mo ń lò báyìí. Kálísíọ̀mù tó wà nínú èèpo ni fínígà ń jẹ. Ẹyin tí a ti sè, tó sì ti tutù ni mo ń rì sínú rẹ̀ nínú ike onídèérí, nínú fíríìjì, mọ́jú. Ẹ máa rí i tó ń hó kúṣúkúṣú. Àwọn àmì dúdú ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣí, èèpo á wá rọ̀ bí ìwé tó bómi. Ní àárọ̀, ẹ ó fi omi ṣàn án, ẹ ó sì fa awọ rẹ̀ kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó máa ní ìkan díẹ̀ lẹ́nu, nítorí náà ó bá ata àti ṣàláàdì mu, kò bá nǹkan aládùn mu. Mi ò kì í ṣe é fún èyí tí pupa rẹ̀ ṣì ń ṣàn.

Ẹyin àparò tútù náà kì í ṣe ohun tí a ń gbá mọ́ etí àwo. Èèpo rẹ̀ á fọ́ wọnú, awọ kò sì ní ya. Ọ̀bẹ eléhín kékeré ni mo fi ń gé ìdí tó fẹ̀ kúrò, tí mo sì ń dà á jáde. Láti mọ̀ bóyá ó ti pẹ́, ẹ sọ ọ́ sínú omi: tuntun á sùn sílẹ̀, èyí tó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan á nàró, èyí tó bá léfòó, ẹ jù ú nù. Èyí tó ń nàró yẹn gan-an ni mo máa ń ṣà fún sísè, torí òun ló rọrùn bó jù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sọ́dọ̀ dókítà wọn pẹ̀lú ìṣirò tí mo kọ sórí bébà fún wọn. Wọn kò mu ẹyin tútù mọ́. Nígbà tí mo yà ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹyin àparò mẹ́ta ló wà nínú àwo wọn, ẹ̀wà sì kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n bó o fúnra wọn, láti ìdí tó fẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ya.